Ìbéèrè àti ìdáhùn: Bí oníṣọ́ọ̀bù ṣe máa kọ ìròyìn iná sí ilé iṣẹ́ adójútòfò

Àwọn ìbéèrè tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù nílùú Ọ̀yọ́ máa ń béèrè léraléra lẹ́yìn tí iná bá ti ṣọṣẹ́ la kó jọ síbí. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀: ti ìyá aránṣọ kan ní àdúgbò Owódé, tó ń ta àǹkárá àti léèsì mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni, a sì ṣètò àwọn owó inú rẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn láti tẹ̀ lé.

Iná ti kú. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó kọ ohunkóhun?

Ẹ pe ilé iṣẹ́ adójútòfò tàbí alágbàtà tó bá yín ṣe ìwé náà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ̀ lé ìpè náà kí ẹ̀rí lè wà. Ìlà méjì ti tó: orúkọ yín, nọ́ńbà ìwé àdéhùn yín, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, ọjọ́ àti àkókò tí iná ṣẹ́. Kúlẹ̀kúlẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó fi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ya gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó wá sún mọ́ ògiri, òrùlé, sókẹ́ẹ̀tì, mítà, àti ohun tó kù lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹbí àti aládùúgbò máa ń fẹ́ bá yín palẹ̀ mọ́ kíá nítorí àánú. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀. Eérú tí wọ́n bá gbá dànù lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹ ní nípa ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ọjà ṣe pọ̀ tó.

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn panápaná bí wọ́n bá wá, kí ẹ sì lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí ní àgọ́ tó sún mọ́ yín. Ilé iṣẹ́ adójútòfò sábà máa ń béèrè ìwé méjèèjì. Bí àwọn panápaná ò bá ráyè dé, tó jẹ́ àwọn ará àdúgbò ló pa iná náà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni méjì nínú àwọn tó pa á.

Ọjọ́ mélòó ni mo ní láti fi ìròyìn ránṣẹ́?

Inú ìwé àdéhùn yín ló wà, lábẹ́ apá tó sọ ojúṣe ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni pé kí ẹ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀, kí àlàyé kíkún sì tẹ̀ lé e láàárín iye ọjọ́ tí wọ́n dá. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ọjọ́ 15 tàbí 30 ni. Bí ẹ ò bá tíì rí gbogbo ìwé kó jọ nígbà tí ọjọ́ ń pé, ẹ fi èyí tó wà lọ́wọ́ ránṣẹ́, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyókù ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè fún ọjọ́ díẹ̀ sí i lórí ìwé. Ìdákẹ́jẹ́ ló burú jù.

Kí ló yẹ kó wà nínú ìròyìn náà, báwo ló sì ṣe gùn tó?

Ojú ìwé kan fún ìtàn iná, ojú ìwé mìíràn fún ọjà àti ẹrù tó bàjẹ́. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Apá ìtàn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù kẹ́yìn àti aago tó tì í, ẹni tó kọ́kọ́ rí iná, ibi tó ti rí i, bí wọ́n ṣe pa á, àti ipò tí ẹ bá ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ẹ dé.

Ìlànà kan wà tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà: ẹ ya ohun tí ẹ fojú ara yín rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún yín, kí ẹ sì ya méjèèjì kúrò lára ohun tí ẹ rò. Ẹ wo bí ìyá aránṣọ wa ṣe kọ tirẹ̀:

"Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò sí iná mọ̀nàmọ́ná nígbà tí mo ń lọ. Ọdẹ àdúgbò sọ fún mi pé iná dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, àti pé kò tó wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ tó rí èéfín lábẹ́ ilẹ̀kùn mi. Mo dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ń pa á. Ohun tí mo rí ni pé tábìlì ìlọṣọ àti ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ló jó jù. Mo rò pé áyọ́ọ̀nù ló fà á, nítorí mi ò rántí pé mo yọ ọ́ kúrò nínú sókẹ́ẹ̀tì."

Gbogbo ohun tí ó ṣe pàtàkì ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò máa mọ ẹni tí òun máa lọ bi léèrè, kò sì ní rí ibi tí ìyá náà ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ.

Mi ò mọ ohun tó fa iná. Ṣé kí n kọ pé wáyà ló gbiná?

Rárá. "Wáyà ló gbiná" ni gbolohùn tí ó wọ́pọ̀ jù nínú irú ìròyìn yìí, òun náà ló sì máa ń kó ènìyàn sí wàhálà, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kì í sábà lè fi ẹ̀rí kan tì í lẹ́yìn. Bí wọ́n bá dé tí wọ́n rí i pé wọ́n ti gé iná ṣọ́ọ̀bù yín láti oṣù tó kọjá, gbogbo ìyókù ìròyìn yín ni wọ́n á máa fura sí. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò mọ̀. Ìwé ìnṣọ́ránsì iná ò ní kí ẹ mọ ohun tó fa iná. Pé iná ṣẹ́ lóòótọ́, àti pé kò sí nínú àwọn ohun tí ìwé yọ sílẹ̀, ni wọ́n ń wá.

Ohun tí ẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́ lé lórí ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Iná máa ń gòkè, ó sì ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Nítorí náà, dúdú tó wà lára ògiri sábà máa ń tóóró nísàlẹ̀, kó gbòòrò lókè. Ibi tóóró yẹn ló máa ń tọ́ka sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tí iná ti jẹ igi tábìlì jù nísàlẹ̀ náà. Ẹ ṣọ́ra fún àṣìṣe kan, àmọ́: ibi tí òróró, fóòmù tàbí aṣọ bá pọ̀ sí lè jó ju ibòmíràn lọ láìjẹ́ pé ibẹ̀ ni iná ti ṣẹ́.

Ní ti wáyà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Wáyà bàbà tí iná mọ̀nàmọ́ná ń gbà kọjá nígbà tí iná bá a lè yọ́ lórí, kó di kókó róbótó kékeré. Ìyẹn fi hàn pé iná wà nínú wáyà náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni kó túmọ̀ rẹ̀.

Èmi ni mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù nínú sókẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá kọ ọ́, ṣé wọn ò ní sọ pé ẹ̀bi mi ni?

Ẹ kọ ọ́. Ìbẹ̀rù yìí ló ń sọ ọ̀pọ̀ olóòótọ́ di elékèé láìnídìí. Ìgbàgbé àti àìfarabalẹ̀ wà lára ohun tí ènìyàn fi ń ra ìnṣọ́ránsì iná. Tó bá jẹ́ pé kìkì iná tí kò lọ́wọ́ ènìyàn nínú ni wọ́n ń san owó lé, ìwé náà ò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Iná tí ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì mọ̀ọ́mọ̀ dá ni wọn kì í san.

Irọ́ ló ń ba ẹ̀tọ́ jẹ́. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ máa rí i pé bí apá kan nínú ohun tí ẹ ń béèrè bá ní ẹ̀tàn nínú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè kọ̀. Ìyá aránṣọ tó gbàgbé áyọ́ọ̀nù lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀. Bí ó bá gbé áyọ́ọ̀nù jíjó náà jù sígbó, tó wá sọ pé mọ̀nàmọ́ná ojú ọ̀run ló fà á, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àwọn ìwé kan ní ìlérí tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ ń rà á: pé ẹ ò ní tọ́jú epo bẹntiróòlù sínú ṣọ́ọ̀bù, tàbí pé ohun èlò ìpaná máa wà lára ògiri. Kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì lè dá ìjà sílẹ̀ níbi tí áyọ́ọ̀nù ò ti ní dá a sílẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì bá alágbàtà yín sọ̀rọ̀ kíá.

Láti ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni iná ti wọlé sí tèmi. Kí ló yí padà?

Ìwé tiyín ṣì ni ẹ máa lò. Nígbà tí iná jó ọjà Akẹ̀sán níwájú ààfin Aláàfin ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló lọ sí i láìjẹ́ pé iná bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ibi tí iná ti wọ ọ̀dọ̀ yín: òrùlé ni, fèrèsé ni, tàbí ògiri pákó tó wà láàárín.

Ẹ má kọ̀wé sí aládùúgbò náà pé ẹ ti dárí jì í, ẹ má sì gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bá ilé iṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó yín, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ bá ẹni tó jẹ̀bi fún owó náà. Bí ẹ bá ti fi ìwé tú u sílẹ̀, ẹ ti gba ẹ̀tọ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì lè fi dí yín lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kò rọrùn ní àdúgbò tí gbogbo yín ti jọ ń gbé. Ẹ lè máa kí ara yín, kí ẹ sì máa bára yín kẹ́dùn, láìfọwọ́ sí ohunkóhun.

Báwo ni kí n ṣe kọ àwọn ọjà tó jóná?

Ẹ kọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní òkìtì. "Aṣọ oríṣiríṣi, mílíọ̀nù mẹ́ta" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ka ìwé. Ẹ kọ orúkọ ọjà, iye rẹ̀, iye tí ẹ ra ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀, àti bóyá ó jó pátápátá tàbí ó kàn bàjẹ́.

Ìyá aránṣọ wa kọ ọ́ báyìí: àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà mẹ́fà, 120, ní ₦12,000 ọ̀kan, àpapọ̀ ₦1,440,000, nínú wọn, 70 jó pátápátá, 50 rin fún omi tí wọ́n fi pa iná. Léèsì, 40, ní ₦38,000 ọ̀kan, àpapọ̀ ₦1,520,000. Gbogbo rẹ̀ jó. Ẹ̀rọ ìránṣọ alágbára kan, ₦240,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,200,000.

Iye tí ẹ rà á ni ẹ máa kọ, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tó gbé e wá, kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ tà á. Èrè tí ẹ ò tíì jẹ kò sí nínú ìnṣọ́ránsì iná lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí ẹ fi ti ṣọ́ọ̀bù pa láìtajà. Ìwé ọ̀tọ̀ ló ń dúró fún un.

Rìsíìtì mi jóná pẹ̀lú ọjà. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Kò parí. Àwọn tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ wọn ní Gbági n'Íbàdàn tàbí Balógun l'Ékòó lè fún yín ní ẹ̀dà rìsíìtì tàbí kí wọ́n kọ ìwé pé ẹ ra ọjà báyìí lọ́wọ́ àwọn. Báǹkì máa tẹ gbogbo owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn jáde. Fọ́tò aṣọ tuntun tí ẹ fi sórí Wáàtísáàpù fún àwọn oníbàárà ní ọjọ́ tó hàn lára rẹ̀, ó sì máa ń gbani lọ́wọ́ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Wọ́n lè ní kí ẹ lọ búra nílé ẹjọ́ nítorí ìwé tó jóná. Ẹ lọ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìwé ìbúra nìkan máa dúró fún ẹ̀rí ọjà.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá rán wá ṣírò òfò máa fi ìṣirò mìíràn dán tiyín wò, ó sì dáa kí ẹ ti ṣe é kó tó dé. Ìyá aránṣọ ka ọjà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó jẹ́ ₦5,000,000. Láti ìgbà náà, ó ra ₦4,600,000 kún un. Ó ta ọjà ₦3,000,000, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ èrè, nítorí náà iye tó ra àwọn ọjà tó tà yẹn jẹ́ ₦2,400,000. Ẹ ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, ẹ yọ ₦2,400,000 yìí kúrò: ₦7,200,000 ló yẹ kó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ iná. Bí ẹ bá yọ èyí tí iná ò kàn kúrò nínú rẹ̀, iye tó kù gbọ́dọ̀ sún mọ́ iye ọjà tó wà nínú àkọsílẹ̀ òfò yín. Bí kò bá sún mọ́ ọn, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó bá yín wá a.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti pẹ́. Iye tí mo rà á ni kí n kọ, àbí iye tuntun?

Ẹ kọ méjèèjì, pẹ̀lú ọdún tí ẹ rà á. Bí ìwé yín ò bá sọ ní pàtó pé wọ́n máa fi tuntun rọ́pò, iye tí ẹ̀rọ náà tó nígbà tí iná ṣẹ́ ni wọ́n máa san. Ti ìyá aránṣọ wa ti lo ọdún mẹ́rin nínú mẹ́wàá tí wọ́n gbà pé irú rẹ̀ ń lò. Tuntun rẹ̀ jẹ́ ₦400,000 báyìí. Wọ́n yọ ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó ku ₦240,000. Ibẹ̀ ni iye inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wá.

Aṣọ àwọn oníbàárà, owó inú dúrọ́ọ̀ àti ilé onílé ńkọ́?

Aṣọ tí wọ́n gbé wá fún yín láti rán kì í ṣe tiyín. Ìwé àdéhùn yín gbọ́dọ̀ sọ pé ó bo ẹrù tí ẹ̀ ń tọ́jú fún ẹlòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní san án. Ẹ wo gbolóhùn yẹn dáadáa bí ẹ bá jẹ́ aránṣọ, alágbàfọ̀ tàbí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bó ti wù kó rí, ẹ kọ wọ́n sí àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni wọ́n.

Owó tó jóná kì í sábà sí nínú ìwé iná, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìṣirò àti àwọn ìwé pàtàkì. Ilé jẹ́ ti onílé. Òun ló máa bá tirẹ̀ jà, àyàfi bí ẹ bá fi owó ara yín kọ́ pẹpẹ, sílíǹgì tàbí ilẹ̀kùn irin, tí ẹ sì dárúkọ wọn nígbà tí ẹ ń ra ìwé.

Ṣé mo lè da àwọn aṣọ tó rin omi nù, àbí kí n tà wọ́n?

Ẹ má ṣe èyíkéyìí kí wọ́n tó wò wọ́n. Ẹ ṣáà kó wọn jáde sínú afẹ́fẹ́, kí ẹ sá wọn kí wọ́n má baà hu, nítorí ojúṣe yín ni láti má jẹ́ kí òfò pọ̀ sí i. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ohun tí ẹ ná lórí èyí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yin àti wọn máa fohùn ṣọ̀kan lórí iye tó kù lára wọn. Àǹkárá 50 tó rin omi lè lọ ní ₦4,000 ọ̀kan, ìyẹn ₦200,000. Wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú ₦3,200,000, òfò wá di ₦3,000,000, aṣọ náà á sì wà lọ́wọ́ yín.

Òfò mi jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, ìwé mi jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà. Kí ló dé tí wọn ò san mílíọ̀nù mẹ́ta?

Nítorí pé ọjà àti ẹ̀rọ yín ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ nígbà tí iná ṣẹ́. Ìbínú tó pọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibí ló ti ń wá, mi ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, torí wọn kì í ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba owó. Ìwé iná sábà máa ń ní gbolóhùn kan tó sọ pé, bí iye tí ẹ fi ṣe ìnṣọ́ránsì bá kéré sí iye tí ẹrù tó, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ru ìpín tó kù, kódà bí òfò ò bá tó iye inú ìwé.

Ọjà ìyá aránṣọ jẹ́ ₦7,200,000, ẹ̀rọ àti ohun èlò rẹ̀ ₦800,000: àpapọ̀ ₦8,000,000. Iye inú ìwé rẹ̀ jẹ́ ₦6,000,000, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nítorí náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òfò ni wọ́n máa san: ₦2,250,000. Ìwé rẹ̀ tún sọ pé òun ló máa fara mọ́ ₦50,000 àkọ́kọ́ nínú òfò kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ₦2,200,000.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ₦6,000,000 tó gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Owó aṣọ ló gbé sókè. Ẹni tó bá ń tún ìwé rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún láìyí iye inú rẹ̀ padà, inú ìdẹkùn yìí ló ń rìn lọ. Iye tí wọ́n bá wá pè fún yín, ẹ ní kí wọ́n fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín lórí ìwé, kí ẹ sì yẹ iye tí wọ́n ní gbogbo ọjà yín tó wò, nítorí bí wọ́n bá gbé e ga jù, owó yín á dín kù.

Wọ́n ní wọ́n á dín in kù lọ́nàkọnà. Ṣé kí n fi díẹ̀ lé e?

Ẹ má ṣe é. Ìṣirò ọjà tí a ṣe lókè máa tú u síta, ẹ ti rí ohun tí ìwé sọ nípa ẹ̀tàn. Bí iye kan ò bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ pé ìfojúdíwọ̀n ni, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe dé ibẹ̀.

Wọ́n fún mi ní ìwé kan kí n fọwọ́ sí kí wọ́n tó sanwó. Kí ni mo ń fọwọ́ sí?

Ìwé náà ń sọ pé ẹ gba iye tó wà níbẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ iná yìí ti parí láàárín yín. Lẹ́yìn ìbuwọ́lù, ó ṣòro gan-an láti padà wá béèrè ìyókù. Ẹ kà á, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán kà á fún yín lédè Yorùbá kí ẹ tó gbé bírò.

Bí iye náà ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé padà, kí ẹ dárúkọ ohun náà gan-an tí ẹ ò fara mọ́: iye ọ̀pá kan, ọdún ẹ̀rọ, tàbí iye gbogbo ọjà. Bí ẹ bá fara mọ́ apá kan, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè san ìyẹn ná, kí ìwé rẹ̀ sì sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe òpin. Bí wọ́n bá dákẹ́ tàbí tí wọ́n kọ̀ láìsọ ìdí, ẹ lè fi ẹjọ́ sun NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ẹ̀dà ìròyìn iná yín, àkọsílẹ̀ ọjà, àwọn fọ́tò àti lẹ́tà tí ẹ ti kọ síra yín lẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn, torí náà ẹ má fi ojúlówó ìwé kankan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìní ẹ̀dà tiyín nílé.